Bí ẹ ṣe lè kọ mẹ́mò tí àwọn alákòóso á fi ṣe ìpinnu: àpẹẹrẹ ọkọ̀ búrẹ́dì kan ní Òṣogbo

Ìbéèrè kan náà ni àwọn òǹkàwé ń fi ránṣẹ́ sí mi léraléra: "Ọ̀gá ní kí n lọ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa kọ ọ́ tí wọ́n á fi fọwọ́ sí i?" Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń kọ ni ìròyìn: ọkọ̀ ti bàjẹ́, ó ń dà wá láàmú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa wá nǹkan ṣe. Ọ̀gá á kà á, á ní òun ti rí i, ó parí. Kò sí nǹkan tó lè fọwọ́ sí níbẹ̀. Mẹ́mò tí mò ń sọ níbí máa ń gbé ọ̀nà mélòó kan kalẹ̀, ó máa ń ṣírò ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ná ilé-iṣẹ́, á sì yan ọ̀kan láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni mo máa fi ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀yin lẹ̀ ń bójú tó pínpín ọjà ní ilé búrẹ́dì kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lẹ ní. Ìdájí ló ń kó búrẹ́dì lọ sí Òjà-Ọba, Ìgbọ̀nà àti Alékúwodò, kó tó forí lé Ẹdẹ àti Ìlobùú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń rú èéfín, ọkọ̀ sì ń dúró sójú ọ̀nà. Owó àpẹẹrẹ ni gbogbo owó tí mo máa dá níbí o. Iye tí wọ́n bá dá fún yín lọ́sẹ̀ tí ẹ ń kọ tiyín ni kí ẹ fi rọ́pò wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-iṣẹ́ yín fi ń kọ mẹ́mò ni o, Yorùbá ni o, bí ẹ ṣe máa tò ó kò yàtọ̀.

## Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Àkọsílẹ̀ oṣù mẹ́fà: iye ọjọ́ tí ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́, owó tí mẹkáníìkì gbà, owó tí ẹ fi háyà ọkọ̀ mìíràn.
- Iye owó tí ó kéré tán ẹni méjì kọ sílẹ̀ fún yín lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú déètì.
- Ohun tí akáúńtáǹtì sọ nípa owó tó wà nílẹ̀.
- Orúkọ ipò ẹni tó láṣẹ láti fọwọ́ sí irú owó bẹ́ẹ̀.

Ti ìkẹyìn yìí ló ń pa mẹ́mò jù. Tí máníjà yín kò bá lè fọwọ́ sí ju ₦500,000 lọ, tí ẹ wá kọ mẹ́mò ₦1,900,000 sí i, inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ló máa sùn. Kò lè fọwọ́ sí i, ó sì lè má fẹ́ sọ fún yín pé agbára òun kò dé ibẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó kọ ọ́: "Ta ló ń fọwọ́ sí owó tó tó báyìí?" Ẹni náà ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ sì gbà á kọjá lọ́dọ̀ máníjà yín.

Lórí iye owó tí wọ́n ń dá fún yín, ẹ rí i pé ohun kan náà lẹ ń fi wéra. Ọ̀kan lè dá owó ẹ́ńjìnnì nìkan, kí èkejì ti ro owó iṣẹ́, ọ́ìlì àti gíáàbọ́ọ̀sì mọ́ tirẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ni, ẹ béèrè bóyá owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà, ìyẹn ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè pẹ̀lú pé ọjọ́ mélòó ni iye náà fi dúró. Mẹkáníìkì tó ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe láti ọjọ́ yìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó máa sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Ẹ san owó kékeré fún ẹlòmíràn tí kò ní jẹ nínú iṣẹ́ náà, kó yẹ ẹ́ńjìnnì wò, kó sì yẹ férémù ọkọ̀ wò bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ẹ́ńjìnnì tó dára nínú férémù tó ti jẹrà, owó ṣòfò ni.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́

Ibí ni àṣà wa ti máa ń fà wá sẹ́yìn. A ti kọ́ wa pé èèyàn kì í já lu ọ̀rọ̀ níwájú àgbà, nítorí náà a máa ń kí, a máa ń yí ká, a máa ń rán wọn létí ìtàn ọkọ̀ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Ẹ fi ìyẹn pa mọ́ fún ẹnu. Nínú ìwé, ọ̀gá tó ní ìwé ogún lórí tábìlì máa mọrírì ẹni tó jẹ́ kó tètè mọ ohun tí wọ́n ń bi í. Ọ̀wọ̀ yín á hàn nínú bí ẹ ṣe pè wọ́n àti bí ẹ ṣe sọ ọ́.

> Sí: Olùdarí Àgbà, nípasẹ̀ Máníjà Ilé-iṣẹ́
> Láti ọ̀dọ̀: Alábòójútó Ìpín-ọjà
> Kókó: Ìbéèrè fún àṣẹ láti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì búrẹ́dì, ₦1,900,000
>
> Mo ń bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ yín láti ná ₦1,900,000 lórí ẹ́ńjìnnì àti gíáàbọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ fún bọ́ọ̀sì wa. Nínú ọ̀nà mẹ́rin tí mo yẹ̀ wò, òun ló máa ná wa lówó tó kéré jù láàárín oṣù 24. Iye tí wọ́n dá fún wa kò ní kọjá ọjọ́ 14, nítorí náà màá dúpẹ́ tí ìdáhùn bá lè jáde kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí.

Tí ọ̀gá bá dúró síbẹ̀, ó ti mọ ohun tí ẹ fẹ́, iye rẹ̀, ìdí rẹ̀ àti ìgbà tó yẹ kó dáhùn. Ẹ fi déètì sí orí rẹ̀ o. Mẹ́mò owó tí kò ní déètì kò ṣeé lò lọ́jọ́ kejì.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi nọ́ńbà sọ ìṣòro náà

"Ọkọ̀ ń yọ wá lẹ́nu" kò tó. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Láàárín oṣù mẹ́fà, ọjọ́ 5 lóṣù ni ọkọ̀ fi ń dúró, nínú ọjọ́ 26 tí a fi ń ṣiṣẹ́. À ń san ₦35,000 fún ọkọ̀ háyà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá dúró, mẹkáníìkì sì ń gba ₦120,000 lóṣù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦295,000 lóṣù."

Ó lè ku ohun tí ẹ kò lè kà. Búrẹ́dì tó bá pẹ́ dé Ẹdẹ, àwọn oníbàárà á ti ra ti ẹlòmíràn, ẹ̀dínwó lẹ máa fi ta ìyókù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ẹ má ṣe dá nọ́ńbà kan sílẹ̀ láti orí. Ẹ sọ pé àdánù náà wà, pé kò sí nínú ìṣirò, kí ẹ sì tẹ̀ síwájú. Nọ́ńbà kan tí ọ̀gá bá rí pé ẹ fi ojú inú kọ, ó máa mú kó ṣiyèméjì nípa gbogbo ìyókù.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ to àwọn ọ̀nà, ẹ má fo "ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀"

Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó. Tiwa nìyí:

1. Ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ká máa tún un ṣe bó bá ti ń bàjẹ́.
2. Ká pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì àti gíáàbọ́ọ̀sì.
3. Ká ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀, ká ta èyí tó wà nílẹ̀.
4. Ká ta ọkọ̀, ká máa háyà ọkọ̀ ẹlòmíràn lójoojúmọ́ lórí àdéhùn, ₦30,000 lọ́jọ́.

Àkọ́kọ́ yẹn ṣe pàtàkì nítorí pé òun ni ọ̀gá máa yàn tí kò bá yan nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó rí iye rẹ̀.

Ẹ má sì ṣe kó ọ̀nà tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ pé kò lè ṣeé ṣe wọ inú ìwé kí tiyín lè dùn ún wò. Tí ẹ bá ní "ká ra ọkọ̀ tuntun láti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é" fún ilé búrẹ́dì tó ní bọ́ọ̀sì kan, ọ̀gá á mọ̀ pé ẹ kàn fi kún un ni.

## Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣírò gbogbo wọn fún àkókò kan náà

Tí ẹ bá fi owó ọjọ́ tí a máa rà á nìkan wéra, ká máa háyà ni yóò dà bí ẹni pé ó rọrùn jù. Ẹ yan àkókò kan, oṣù 24 fún ọkọ̀ kò burú, kí ẹ sì ka ohun mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: owó ìbẹ̀rẹ̀, owó oṣooṣù, àti iye tí ọkọ̀ máa tà nígbà tí àkókò bá pé.

Owó oṣooṣù ni kí ẹ fara balẹ̀ ṣe. Ohun tí ẹ bá kà fún ọ̀kan, ẹ gbọ́dọ̀ kà á fún gbogbo wọn. Ọkọ̀ háyà máa ń wá pẹ̀lú epo àti awakọ̀ tirẹ̀. Tí ẹ bá gbàgbé láti ka epo àti owó oṣù awakọ̀ fún ọkọ̀ tiyín, ìṣirò ti wọ́ nìyẹn. Bí mo ṣe ka ti ọ̀nà kìíní nìyí: epo ọjọ́ 21 tí ọkọ̀ fi ń rìn, ₦18,000 lọ́jọ́, jẹ́ ₦378,000, awakọ̀ ₦80,000, mẹkáníìkì ₦120,000, háyà ọjọ́ 5 jẹ́ ₦175,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦753,000.

Fún ọ̀nà kejì, mo gbà pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọkọ̀ máa fi dúró lóṣù, pé epo á dín kù sí ₦16,000 lọ́jọ́ nítorí ẹ́ńjìnnì tó ń mu epo jù ti kúrò, àti pé mẹkáníìkì á máa gba ₦50,000. Epo ọjọ́ 25 jẹ́ ₦400,000. Ẹ fi awakọ̀ àti háyà ọjọ́ kan kún un, ó di ₦565,000. Fún ọ̀nà kẹta, kò sí ọjọ́ ìdúró, epo ọjọ́ 26 ní ₦16,000 lọ́jọ́ jẹ́ ₦416,000, awakọ̀ ₦80,000, mẹkáníìkì gba ₦30,000, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ₦526,000.

| Ọ̀nà | Owó ìbẹ̀rẹ̀ (₦) | Oṣooṣù (₦) | Oṣù 24 (₦) | Iye tó máa tà (₦) | Àpapọ̀ (₦) |
|---|---|---|---|---|---|
| 1. Ká fi í sílẹ̀ | 0 | 753,000 | 18,072,000 | 600,000 | 17,472,000 |
| 2. Ẹ́ńjìnnì | 1,900,000 | 565,000 | 13,560,000 | 1,000,000 | 14,460,000 |
| 3. Bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ | 8,800,000 | 526,000 | 12,624,000 | 6,500,000 | 14,924,000 |
| 4. Háyà | −1,000,000 | 780,000 | 18,720,000 | 0 | 17,720,000 |

Owó ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kẹta jẹ́ ₦9,500,000 fún ọkọ̀ àti ₦300,000 fún ìwé ọkọ̀, nọ́ńbà àti ìnṣọ́ránsì, lẹ́yìn tí a bá yọ ₦1,000,000 tí a máa rí lórí ọkọ̀ àtijọ́. Mílíọ̀nù kan náà ló wọlé ní ọ̀nà kẹrin, òun ló fi ní àmì ìyọkúrò níwájú.

Tábìlì kan báyìí ló yẹ kó wà nínú mẹ́mò yín. Ìṣirò kíkún, ẹ fi sí ojú ìwé kejì kí akáúńtáǹtì lè tú u wò.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yan ọ̀kan, ẹ sì sọ ohun tí kò dára nípa rẹ̀

Ẹ má kọ "gbogbo rẹ̀ dọwọ́ àwọn alákòóso." Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ló wà. Èrò yín ni wọ́n ń béèrè.

> Mo dámọ̀ràn ọ̀nà kejì. Ó fi ₦3,012,000 dín sí ohun tí à ń ná báyìí láàárín oṣù 24. Owó tí a máa fi bẹ̀rẹ̀ á sì ti padà wọlé ní oṣù kọkànlá, nítorí ₦188,000 ni yóò máa dín kù lóṣù. Ọ̀nà kẹta sún mọ́ ọn, ₦464,000 ló fi jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó nílò ₦8,800,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Àléébù ọ̀nà kejì ni pé ara ọkọ̀ ṣì jẹ́ ti àtijọ́, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kọjá oṣù kan.

Ẹ wo bí àléébù yẹn ṣe jáde lẹ́nu ẹni tó dámọ̀ràn rẹ̀. Tí ẹ kò bá sọ ọ́, ẹlòmíràn máa sọ ọ́ ní ìpàdé, nígbà yẹn ó á dà bí ẹni pé ẹ fi pa mọ́ ni.

## Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ sọ ohun tó lè yí ìdámọ̀ràn yín padà

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ mẹ́mò kì í dé, òun sì ni mo fẹ́ràn jù. Nọ́ńbà kan máa ń wà tó jẹ́ pé bó bá yí, ìdáhùn á yí. Ẹ wá a, kí ẹ sọ ọ́.

Nínú àpẹẹrẹ wa, ọjọ́ ìdúró ni. Mo ní ọjọ́ kan lóṣù lẹ́yìn tí a bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Tó bá wá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ńkọ́, kí mẹkáníìkì sì máa gba ₦80,000? Owó oṣooṣù á di ₦633,000, àpapọ̀ á sì di ₦16,092,000. Bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ ti borí nìyẹn. Nítorí náà, gbogbo ìdámọ̀ràn yìí dá lórí bí ẹ́ńjìnnì tí a bá rà ṣe dára tó. Ó yẹ kí mẹ́mò sọ bí a ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde: mẹkáníìkì tí kò tà á fún wa ló máa gbọ́ ọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, a ó sì mú ìdá kan nínú owó dání títí ọkọ̀ á fi rin ọ̀sẹ̀ méjì.

Nǹkan kejì ni ibi tí owó ti máa wá. Akáúńtáǹtì máa bi yín. Ká ní ilé-iṣẹ́ fẹ́ yá ₦8,800,000 ní báǹkì láti ra bọ́ọ̀sì, ní èlé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, tí a ó máa san padà lóṣooṣù fún oṣù 24. Èlé nìkan á lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ọ̀nà kẹta á wá wọ́n ju ká fi ọkọ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà lọ. Àmọ́ tí owó bá ti wà nílẹ̀ tí kò níṣẹ́ tó ń ṣe, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ìyàtọ̀ ₦464,000 yẹn kò tó nǹkan tí ọ̀gá tó fẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ kò lè san. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, kó lè yàn pẹ̀lú ojú tó là.

## Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìfọwọ́sí

> Tí ẹ bá fọwọ́ sí i: a ó ra ẹ́ńjìnnì láàárín ọjọ́ 3, iṣẹ́ á gba ọjọ́ 4, a ó háyà ọkọ̀ ní ọjọ́ 4 iṣẹ́ náà (₦140,000, ó wà nínú ₦1,900,000). Alábòójútó Ìpín-ọjà ló máa mú rìsíìtì wá.
>
> ☐ Mo fọwọ́ sí i ☐ Mi ò fọwọ́ sí i ☐ Ẹ wá rí mi
>
> Ìbuwọ́lù: ________ Ọjọ́: ________

Nǹkan kékeré tí a máa ń gbàgbé: tí ẹ́ńjìnnì bá yí, nọ́ńbà rẹ̀ á yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Ẹ pa rìsíìtì mọ́, ẹ lọ tún ìwé náà ṣe, ẹ sì ka owó rẹ̀ mọ́ owó ìbẹ̀rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọlọ́pàá tó bá dá ọkọ̀ dúró lọ́nà Gbọ̀ngán máa rí nǹkan sọ, búrẹ́dì á sì wà nínú oòrùn.

## Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù

Kíka owó tó ti lọ. "A ti ná ohun tó lé ní ₦700,000 lórí mẹkáníìkì, ẹ má jẹ́ kó ṣòfò." Owó yẹn kò sí nínú ìpinnu yìí mọ́, ọ̀nà yòówù tí ẹ bá yàn kò lè dá a padà. Ohun tó wúlò fún ni pé ó ń fi hàn yín bí oṣù tó ń bọ̀ ṣe lè rí.

Ìbínú nínú ìwé. Ẹni tó ti ń ti ọkọ̀ ní aago márùn-ún ìdájí lè kọ pé "mo ti sọ ọ́ tipẹ́, wọn ò gbọ́." Bó ti wù kó jẹ́ òótọ́ tó, ẹ yọ ọ́. Mẹ́mò máa ń wà nínú fáìlì fún ọdún púpọ̀.

Dídárúkọ ẹnì kan bí ẹlẹ́bi. Tí ẹ bá ní awakọ̀ ló ba ẹ́ńjìnnì jẹ́, ọ̀rọ̀ á yí sí ti awakọ̀, kò sẹ́ni tó máa rántí pé àṣẹ lẹ ń béèrè. Ìyẹn ní ìwé tirẹ̀.

## Kí ẹ tó fi í ránṣẹ́

- Ó wà ní ojú ìwé kan tàbí méjì?
- Àwọn nọ́ńbà inú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ bá tábìlì mu?
- Akáúńtáǹtì ti rí i?
- Awakọ̀ ti sọ bóyá iye epo àti ọjọ́ ìdúró tọ́?
- Ìwé iye owó méjèèjì wà lẹ́yìn rẹ̀?

Akáúńtáǹtì yẹn, ẹ má fo ó. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀gá máa kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Tí ẹ bá ti bá a jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, tí ẹ sì ti tún ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn ṣe, ohun tó máa sọ ni pé "mo ti rí i, ìṣirò rẹ̀ pé." Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ní kí wọ́n fún òun láyè láti yẹ̀ ẹ́ wò, ọjọ́ 14 á sì kọjá.

## Tí ọ̀rọ̀ kò bá rí bẹ́ẹ̀

Tí owó náà bá kéré, bíi táyà méjì tàbí bátìrì, ẹ má kọ gbogbo èyí. Ìpínrọ̀ kan àti iye owó méjì tó.

Tí kò bá sí àyè, tí ọkọ̀ dúró láàárọ̀ òní tí búrẹ́dì sì ti jáde nínú ààrò, ẹ pe ọ̀gá lórí fóònù, ẹ gba àṣẹ fún háyà òní nìkan. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú ránṣẹ́: "Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe fọwọ́ sí i láàárọ̀ yìí, ₦35,000 fún ọkọ̀ háyà." Ẹ lọ kọ mẹ́mò gidi lẹ́yìn náà.

Tí wọn kò bá fèsì, ẹ dúró títí ó fi ku ọjọ́ mẹ́ta kí iye owó yẹn tó parí, kí ẹ lọ bá wọn fúnra yín: "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, iye tí wọ́n dá fún wa lórí ẹ́ńjìnnì á parí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ṣé kí n lọ gba òmíràn ni?" Ìbéèrè yẹn rọrùn láti dáhùn ju "ṣé ẹ ti ka mẹ́mò mi?" lọ.

Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ béèrè nọ́ńbà tí wọn kò gbà gbọ́. Ó lè jẹ́ ọjọ́ ìdúró, ó lè jẹ́ iye tí ọkọ̀ máa tà. Ẹ máa kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún oṣù méjì sí i, kí ẹ gba iye owó tuntun, kí ẹ sì fi déètì tuntun sí mẹ́mò kan náà.